Ẹ̀sùn lórí àwòrán ìrìn ìyá ẹlẹ́ja tí ẹ yà fún géèmù mi

Ẹpẹ,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣíìtì ìrìn tí mo sanwó rẹ̀ fún yín, ìyẹn àwòrán ńlá kan tí ẹ to gbogbo ìdúró ìrìn ìyá ẹlẹ́ja sí, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti gbé e sínú géèmù mi. Kò ṣeé lò. Mo pe ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín lórí fóònù, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá jẹ́ fótò kan ṣoṣo ni oníbàárà mú wá. Èsì yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé yìí, torí kì í ṣe òótọ́. Àwọn àbùkù tí mo rí kò ti ọ̀dọ̀ fótò wá. Mo fẹ́ ṣàlàyé wọn dáadáa, kí ẹni tó máa tún iṣẹ́ náà ṣe lè mọ ibi tó ti bàjẹ́.

Fótò ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo ni mo fún yín. Kí n tó fi ránṣẹ́ ni mo ti sọ ọ́ di àwòrán: àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò ju 12 lọ, ìlà dúdú tó nípọn ní píksẹ́lì 2 ló yí i ká. Ìyá náà dúró, wọ́n kọjú sí wa. Wọ́n ró ìró àdìrẹ aláró, wọ́n wọ bùbá funfun, wọ́n wé gèlè, wọ́n sì fi àpò owó kọ́ apá òsì. Ìrìn wọn láti ẹ̀gbẹ́ ni mo ní kí ẹ yà: fíréèmù 8 tó ń lọ sápá ọ̀tún ní ìlà kìíní, 8 tó ń lọ sápá òsì ní ìlà kejì, kí àyè fíréèmù kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ́lì 128 ní ìbú àti 128 ní gíga. Tí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ṣíìtì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 1024 ní ìbú àti 256 ní gíga.

1000 ni ìbú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́. Godot ni mo fi ń ṣe géèmù mi, ohun tí mo sì sọ fún un kò ju pé ṣíìtì náà ní fíréèmù 8 ní ìbú àti ìlà 2 ní gíga:

```
$Sprite2D.hframes = 8
$Sprite2D.vframes = 2
```

Kò mọ ibi tí àwòrán kan parí sí. Ńṣe ló máa ń pín ìbú ṣíìtì sí 8 lọ́gbọọgba, tí ó sì máa gé e ní 125, 125. Ojú lásán ni ayàwòrán yín sì fi to àwòrán wọ̀nyẹn: láti àárín àwòrán kan dé àárín èkejì, níbì kan ó jẹ́ píksẹ́lì 122, níbòmíràn ó jẹ́ 130. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ìyá náà fi gé kúrò nínú fíréèmù kẹrin, tó wá yọ lẹ́yìn wọn nínú fíréèmù karùn-ún. Ẹ̀yìn àwòrán náà pẹ̀lú, tó yẹ kó ṣófo kí ilẹ̀ géèmù lè hàn, àwọn àpótí kéékèèké eérú àti funfun ni ẹ kùn síbẹ̀. Àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ fún ayàwòrán pé ibẹ̀ ṣófo ni ẹ yà mọ́ àwòrán. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ fúnra mi, mo tún to àwọn fíréèmù náà sínú àyè 128. Ìgbà náà ni mo rí i pé ọ̀ràn tó le jùyẹn lọ ṣì wà níwájú.

Ìyá náà kò tẹ ilẹ̀. Nínú fíréèmù kejì, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wà lórí ìlà píksẹ́lì 115 tí a bá kà á láti òkè, nínú ìkẹrin ó wà lórí 121, ṣùgbọ́n ṣóńṣó gèlè wọn kò kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó hàn sí mi pé ẹ gé àwòrán kọ̀ọ̀kan mọ́ ara rẹ̀, ẹ wá fi orí wọn dọ́gba nígbà tí ẹ ń tò wọ́n. Ẹsẹ̀ ló yẹ kó dọ́gba. Téèyàn bá ń rìn, tí gìgísẹ̀ iwájú balẹ̀, ara máa rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe ń gba ẹrù ara. Ẹsẹ̀ kejì á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara á sì gòkè bí ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ ṣe nà tán. Ìdúró mẹ́rin ni: gìgísẹ̀ balẹ̀, ara rọ̀, ẹsẹ̀ kọjá, ara gòkè. Gíga ara máa ń yàtọ̀ láàárín wọn, nítorí náà orí ló gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò, kí ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ má sì kúrò lórí ìlà kan náà. Tí ẹ bá gbé ìlà ilẹ̀ sí 120 nínú fíréèmù gbogbo, gèlè á lọ sílẹ̀ ní fíréèmù kejì, á gòkè ní ìkẹrin, ìrìn á sì jọ ìrìn. Bó ṣe wà báyìí, ilẹ̀ ń gbé ìyá náà mì.

Ìdúró mẹ́rin wọ̀nyẹn, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n wà fún. Ẹsẹ̀ kejì náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, ibẹ̀ ni 8 ti jáde. Ẹ̀yin ṣe ẹ̀dà fíréèmù 1 sí 4, ẹ fi í ṣe 5 sí 8. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìyá tí ara wọn le sì ń tiro káàkiri nínú géèmù mi. Kò ṣòro láti rí. Ẹ gbé fíréèmù kìíní àti ìkarùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ẹsẹ̀ tó sún mọ́ wa gbọ́dọ̀ wà níwájú nínú ọ̀kan, kó wà lẹ́yìn nínú èkejì. Ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ yí padà bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì ló jọ ń lọ síwájú. Tí ẹ bá fi àwọ̀ tó ṣókùnkùn díẹ̀ kun ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó wà lápá ọ̀hún, ojú á máa yà wọ́n sọ́tọ̀, ayàwòrán fúnra rẹ̀ kò sì ní ṣì wọ́n mú.

Ọ̀rọ̀ ìró ló dùn mí jù. Obìnrin tó ró ìró kì í gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó wọ ṣòkòtò, kò sì sí ẹni tó ti dúró létí ọ̀sà Ẹpẹ láàárọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ẹja bá ń gúnlẹ̀, tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú fíréèmù kìíní yín, ìró náà là sí méjì láti orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì sì yà síra wọn ní píksẹ́lì 40. Nínú ìkẹta, ìró ti di odindi padà. Bí géèmù ṣe ń yí fíréèmù lọ, aṣọ náà ń ya, ó ń rán, ó ń ya, ó ń rán. Ẹni tó yà á mọ ìrìn ẹni tó wọ ṣòkòtò, ó kàn kùn ún ní àwọ̀ aró ni.

Odindi aṣọ kan ni kó jẹ́ nínú gbogbo fíréèmù. Orúnkún tó ń bọ̀ níwájú á ti aṣọ síta díẹ̀, etí ìró lẹ́yìn á sì tẹ̀ lé e, kó pẹ́ tó fíréèmù kan kó tó dé ibi tí ẹsẹ̀ ti wà. Láti ọrùn ẹsẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni ara máa hàn. Àní iṣẹ́ ayàwòrán dínkù níbẹ̀, torí kò ní yà itan rárá. Gíga ìyá náà nínú àwòrán kò ju nǹkan bíi píksẹ́lì 110 lọ, ìgbésẹ̀ tó gùn ní píksẹ́lì 24 sì tó fún ẹni tó ró ìró. Mo ti fi èyí ṣe ìṣirò eré sísá wọn: fíréèmù 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà 8 máa gba 0.8, ìgbésẹ̀ méjì jẹ́ 48, tí a bá fi 0.8 pín 48, ó di píksẹ́lì 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn ni mo kọ sínú géèmù. Pẹ̀lú ìgbésẹ̀ oní-píksẹ́lì 40 tí ẹ yà, àfi kí n gbé e dé 100 kí ẹsẹ̀ tó yéé yọ̀ lórí ilẹ̀, ìyá ẹlẹ́ja á sì máa sáré bí ẹni tí òjò ká mọ́ títì.

Mo gbà pé fótò kan kò lè fi gbogbo nǹkan han ayàwòrán. Ìyá náà kọjú sí wa, fótò kò sọ bí imú wọn ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́ tàbí bí wọ́n ṣe ki etí gèlè bọ inú ara wọn lẹ́yìn. Ẹ ní láti fọkàn yà á. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kí ẹ fọkàn yà á. Ẹ̀yin ń yà á lákọ̀tun ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan: òbìrí mẹ́ta tó wà lára àdìrẹ di márùn-ún ní fíréèmù kẹta, ìlà tó yí ara ká nípọn ní 2 níhìn-ín, 3 lọ́hùn-ún, nígbà tó fi máa di fíréèmù keje, ojú yẹn kì í ṣe ojú ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ́.

Àpò owó ńkọ́? Apá òsì ló wà nínú fótò. Tí wọ́n bá ń lọ sápá ọ̀tún, apá ọ̀tún wọn ló sún mọ́ wa, ara á sì bo èyí tó pọ̀ nínú àpò náà. Tí wọ́n bá ń lọ sápá òsì, kó hàn gbangba. Ẹ kàn yí ìlà kìíní dà bíi ti dígí, ẹ pè é ní ìlà kejì, ni àpò bá ṣí lọ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Ẹ kọ́kọ́ ya ìyá náà láti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dúró lásán, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n wò ó bóyá àwọn ni. Ìgbà tí mo bá fọwọ́ sí i ni kí ẹ tú u sí wẹ́wẹ́: orí pẹ̀lú gèlè, àyà, apá òkè, apá ìsàlẹ̀, ìró, ẹsẹ̀ méjèèjì. Kí ẹ ya ibi tí ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí oríkèé rí róbótó, kí àlàfo má baà là níbẹ̀ tí apá bá fì. Orí kan náà ni kó wà nínú fíréèmù 8 náà. Ìró nìkan ni kí ẹ yà lákọ̀tun ní ìkọ̀ọ̀kan, kí òbìrí rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Fún ìlà kejì, ẹ lè yí i dà, ṣùgbọ́n ẹ gbé àpò owó padà sí apá òsì.

Mo san 45,000 náírà, ẹ̀rí owó náà wà nínú ìwé tí mo so mọ́ èyí, pẹ̀lú ṣíìtì yín tí mo fa ìlà pupa sí ní 120 kí ẹ lè rí ohun tí mo ń wí. Tí iṣẹ́ tí a tún ṣe kò bá tíì dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó náà padà sínú àkáǹtì tí mo fi san án.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Ẹpẹ.