Àbẹ̀kẹ́, dídákẹ́ rẹ ló ń bà mí lẹ́rù

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ara le nílé. Bàbá rẹ ní kí n bá òun kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti ń rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ti tún ẹ̀rọ omi ṣe, àbúrò rẹ náà sì ti padà sí ilé ẹ̀kọ́. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ kò dé lóṣù yìí, àmọ́ kì í ṣe nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé. A ń jẹun. Nítorí ohun tí màmá ọ̀rẹ́ rẹ sọ fún mi lẹ́yìn ìsìn ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Ó ní ọmọ òun sọ pé wọ́n fi oṣù mẹ́ta kún àsìkò ìdánwò rẹ níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ ní Ẹ́ńgílándì. Ó ní aláìsàn kan ló dá kú lójú iṣẹ́ rẹ lóru, pé o ti rí i tí ara rẹ̀ ń yí padà, o sọ fún dókítà kékeré, dókítà ní òun ń bọ̀, o sì jókòó o ń retí rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé wọ́n rí ọkùnrin náà gbà padà. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ, Àbẹ̀kẹ́. Èmi tí mo bí ọ, tí mo tún ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi. Kí ló dé tí o fi dákẹ́ sí mi? Àbí bí o ṣe dákẹ́ sí wọn níbẹ̀ náà nìyẹn?

Mo mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀ iṣẹ́. Nígbà tí o ń múra ìdánwò OSCE tí wọ́n fi ń gba nọ́ọ̀sì síṣẹ́ níbẹ̀, èmi àti ìwọ la jọ há NEWS2 sórí lórí fóònù títí iná fi ń lọ mọ́ mi lọ́wọ́, ìyẹn àmì tí ẹ ń fún mímí, ìfúnpá, ìlù ọkàn àti ìgbóná ara láti mọ bí ara aláìsàn ṣe ń burú sí i tó. N kò mọ ohun tí o rí lára ọkùnrin yẹn lóru ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi ẹni tó jọ ọ́ ṣe ìṣirò, bí a ti máa ń ṣe. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún ẹnì kan lánàá. Ó ń mí nígbà 22 ní ìṣẹ́jú kan: àmì 2. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 95: àmì 1. Nọ́ńbà òkè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 104: àmì 1. Ọkàn rẹ̀ ń lù nígbà 98: àmì 1. Ara rẹ̀ gbóná dé 38.2: àmì 1. Ó lajú, ó ń sọ̀rọ̀ geere, wọn kò sì fi ọ́síjìn sí i nímú: kò sí àmì kankan níbẹ̀. Bí o bá wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó lè lé oorun lójú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí o bá rò wọ́n pọ̀, 6 ni. Bó bá ti dé 5, kí dókítà wá wò ó kíákíá ni, kí ìwọ náà sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí wákàtí, ó kéré tán. Bó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìsọkúsọ tí kò sọ tẹ́lẹ̀, àmì 3 ló tún fi kún un, ó di 9. Láti 7 lọ sókè, pàjáwìrì ni.

O mọ gbogbo èyí. O rò ó, o kọ ọ́, o sì sọ fún dókítà. Ibi tí o ti dúró gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí mo mọ ẹni tó kọ́ ọ láti dúró síbẹ̀.

Nílé wa, bí ọmọdé bá ti fi ọ̀rọ̀ tó àgbà létí, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Àgbà ló kù tí yóò pinnu. Bí àgbà kò bá ṣe nǹkan kan, a ó ní ó ní ohun tó mọ̀. Ìwọ náà á sọ pé, “Sà, bàbá orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin ń mí sókè sódò o,” o sì rò pé o ti bẹ̀ ẹ́ kó wá. Ẹni tí a tọ́ dàgbà níbí yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀. Ẹni tí a kò tọ́ síbí yóò gbọ́ ìròyìn lásán, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, yóò sì padà sí ohun tó ń ṣe. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ohun tí o kò bèèrè, lọ́dọ̀ tiwọn, o kò fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ìlànà SBAR tí wọ́n kọ́ yín láti máa fi ròyìn aláìsàn fún dókítà, apá mẹ́rin ló ní, àwa ará ibí sì mọ mẹ́ta àkọ́kọ́ sọ dáadáa: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìtàn aláìsàn, ohun tí a rò pé ó ń ṣe é. Apá kẹrin, ohun tí o fẹ́ kí wọ́n ṣe, òun ni a máa ń gbé mì. Sọ ọ́ síta, ọmọ mi. Dúró ti fóònù kí o sọ pé: “Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù báyìí ni mo jẹ́. Mo ń pè nípa ọkùnrin tí àmì rẹ̀ di 6 báyìí, 2 ni láàárọ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún un lánàá. Mo rò pé kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò ó láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ni kí n bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dé?” Ní kí wọ́n sọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí padà fún ọ. Kọ aago tí o pè sílẹ̀, kọ orúkọ ẹni tó gbé fóònù, kọ ohun tó sọ.

Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé tí kò dé, pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o sì sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń darí wọ́ọ̀dù lóru yẹn. Bí kò bá tún dé, pe ẹni tó jù ú lọ. Ilé ìwòsàn púpọ̀ níbẹ̀ ní àwọn nọ́ọ̀sì ìtọ́jú pàjáwìrì tí wọ́n ń rìn káàkiri wọ́ọ̀dù, àwọn náà ṣeé pè. Ìwọ á máa rò pé o ń fo dókítà kékeré yẹn kọjá, pé inú á bí i. Jẹ́ kí inú bí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun nìkan ló ń sáré láàárín wọ́ọ̀dù mẹ́rin, tí inú rẹ̀ á sì dùn pé ẹlòmíràn wá.

Ìyẹn náà ni ti orúkọ tí o ń ráhùn lé lórí lọ́dún tó kọjá, pé kọnsọ́tántì, dókítà àgbà yín, ní kí o máa pe orúkọ òun, tí ẹnu rẹ kò sì gbà á. Pè é. Bí o bá lè pe orúkọ rẹ̀ ní ọ̀sán tí kò sí nǹkan kan, á rọrùn fún ọ láti pè é ní aago mẹ́ta òru. Bí wọ́n bá sì ní kí o fi abẹ́rẹ́ sí iṣan tí ilé ìwòsàn náà kò tíì fọwọ́ sí i pé o lè ṣe é, sọ pé wọn kò tíì fọwọ́ sí i fún ọ. Mo mọ̀ pé o ti ń ṣe é níbí láti ọjọ́ yìí. Kò kàn wọ́n. Àjọ NMC tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ kọ ọ́ sínú òfin iṣẹ́ yín pé kí olúkúlùkù dúró sí ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe ènìyàn tó kàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú wọn ti rí nǹkan. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn Stafford láàárín 2005 sí 2009, tí agbẹjọ́rò Robert Francis kọ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2013: àwọn aláìsàn jìyà, òṣìṣẹ́ kan tó sọ̀rọ̀, wọn kò kọbi ara sí i, ẹ̀rù sì ba ọ̀pọ̀ láti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yan ẹnì kan sí ilé ìwòsàn ìjọba kọ̀ọ̀kan ní Ẹ́ńgílándì, tí òṣìṣẹ́ lè lọ bá bí ẹ̀rù bá ń bà á láti sọ̀rọ̀. Wádìí ẹni tó wà ní tiyín. Mọ ojú rẹ̀ kí o tó nílò rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, mo bínú nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ìbínú náà ti ń kúrò lórí rẹ.

Ṣé o rántí ìtàn nọ́ọ̀sì kékeré tí mo máa ń sọ fún ọ nígbà tí o wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì? Èyí tó sọ fún dókítà àgbà níwájú gbogbo wa pé nọ́ńbà ara àpò ẹ̀jẹ̀ kò bá ti ìwé aláìsàn mu? Mo ní ó ya aláfojúdi, mo ní mo mú un lọ kúnlẹ̀ bẹ dókítà, mo ní kí o má ṣe bí i tirẹ̀ láé. Ohun tí n kò sọ fún ọ ni pé òótọ́ ló sọ. A yẹ àpò náà wò, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni. Kání a gbé e kọ́, ọkùnrin yẹn ì bá kú sí wa lọ́wọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún mú ọmọ náà lọ kúnlẹ̀. Kò tún là ẹnu mọ́ ní wọ́ọ̀dù mi títí wọ́n fi gbé e lọ sí ibòmíràn, èmi sì ń yin ara mi pé mo ti tọ́ ọ sọ́nà. Ó dùn mí gan-an. Òun gan-an ló yẹ kí n ní kí o fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Nítorí náà, bí ọ̀gá rẹ bá pè ọ́ sí ìjókòó mìíràn, má kàn máa tọrọ àforíjì. Mo mọ̀ ọ́, wàá wolẹ̀, wàá ní “ẹ má bínú” títí wọn á fi rò pé o ń fi nǹkan pa mọ́. Gbójú sókè. Sọ ohun tí o rí, aago tí o rí i, ẹni tí o sọ fún, àti ibi tí o ti dúró tí kò yẹ kí o dúró. Bèèrè pé ta ni yóò máa tọ́ ọ lóṣù mẹ́ta yìí, kí ni wọ́n fẹ́ rí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ọ, ìgbà wo ni wọn yóò sì tún pè ọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ fún ọ. Bí o bá wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ní kí aṣojú wọn bá ọ jókòó. Bí o kò bá sí nínú rẹ̀, wọlé lọ́sẹ̀ yìí, owó tí ò bá fi ránṣẹ́ sí wa ni kí o fi san án.

Ṣé o ń jẹun ṣá? Ọ̀rẹ́ rẹ ní o ti rù.

Lọ́jọ́ Sunday, pè mí lẹ́yìn tí bàbá rẹ bá ti lọ sí ìpàdé rẹ̀. Kí o sọ ti òru yẹn fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má fo nǹkan kan. Lẹ́yìn náà n ó ṣe dókítà tí kò fẹ́ wá, ìwọ á sì pè mí títí n ó fi wá.

Màmá rẹ