Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí iye owó ìkòkò fi yí padà, tí ó sì tún yí padà

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé inú yín kò dùn sí wa. Nígbà tí a gbé sẹ́ẹ̀tì ìkòkò irin tí kì í dípẹtà láti ₦56,000 lọ sí ₦72,000, àwọn kan nínú yín tí wọ́n ti ń bá wa rajà láti ìgbà tí ìyá mi ṣì jókòó sí ìsọ̀ wa ní Ìdúmọ̀tà sọ fún mi lójú pé èrè àjẹjù ni mò ń wá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fi ìṣirò náà hàn yín bí ó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú ibi tí àṣìṣe ti wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí kọntéínà wa dé Àpápá, ajẹ́ǹtì tí ó ń bá wa gba ẹrù jáde mú ìwé owó kan wá fún wa, ó sì kọ ₦12,570,577 síbẹ̀ pé iye tí Kọ́sítọ́ọ̀mù yóò gbà nìyẹn. A san án fún un. Orí iye yẹn ni a gbé ₦72,000 kà. Lẹ́yìn tí ẹrù ti wọ ilé ìtajà ni mo tó jókòó ti gbogbo ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ́ ìwé ọjà tí àwọn ará Ṣáínà fún wa sí ọ̀tún, mo sì tẹ́ ìwé ajẹ́ǹtì sí òsì.

Ìwé ọjà náà sọ pé sẹ́ẹ̀tì 800 jẹ́ $23,000, ó sì kọ CFR sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ FOB, iye ọjà nìkan ni, títí tí wọ́n fi gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi lọ́hùn-ún. Bí ó bá jẹ́ CFR, owó ọkọ̀ ti wà nínú iye náà. Bí ó bá jẹ́ CIF, owó ọkọ̀ àti owó ìbánigbófò ti wà nínú rẹ̀ pọ̀. Orí CIF ni Kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ wa ń bu owó ibodè lé. Tiwa jẹ́ $20,000 fún ọjà àti $3,000 fún ọkọ̀, nítorí náà $200 ìbánigbófò nìkan ni ó kù kí a fi kún un kí ó tó di CIF, èyí tí í ṣe $23,200.

Ajẹ́ǹtì kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó kọ $23,000 sí àyè FOB, ó tún kọ owó ọkọ̀ $3,000 sí abẹ́ rẹ̀, ó fi $200 lé e, ó sì pe CIF wa ní $26,200. Ó ka owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé ẹrù tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fún wa ti kọ ọ́ kedere pé wọ́n ti san owó ọkọ̀ níbi tí ẹrù ti gbéra.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé $3,000 ni àṣìṣe náà mọ. Owó kan máa ń gun orí òmíràn nínú ìwé yìí ni. Mo yọ kọ́bọ̀ kúrò, mo sì fi dọ́là sí ₦1,500 bí a ṣe lò ó fún wa. CIF tí ó tọ́ jẹ́ ₦34,800,000. Tirẹ̀ jẹ́ ₦39,300,000. Ìwé PAAR, èyí tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń sọ iye tí wọn yóò gbà lórí ẹrù, kọ 20% fún irú ìkòkò wa, nítorí náà owó ibodè tí ó yẹ kí ó jẹ́ ₦6,960,000 di ₦7,860,000. Àfikún kan wà tí ó jẹ́ 7% orí owó ibodè yẹn fúnra rẹ̀, òun náà sì fò sókè pẹ̀lú rẹ̀. Owó àyẹ̀wò ọjà jẹ́ 1% FOB, owó ECOWAS sì jẹ́ ìdajì 1% CIF. Àwọn méjèèjì wú. VAT 7.5% ni ó wá burú jù, nítorí pé wọn kì í bù ú lórí CIF nìkan, wọ́n máa ń kó CIF àti gbogbo owó tí mo ti dárúkọ yìí pọ̀ kí wọ́n tó bù ú. Nígbà tí mo ṣe é láti òkè dé ìsàlẹ̀, ₦11,125,290 ni ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ní kí ajẹ́ǹtì mú ìwé tí ó fi sanwó ní báǹkì wá, iye yẹn gan-an ni ó wà níbẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù kò ka owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé tí wọ́n fi gbowó lọ́wọ́ wa nìkan ni ó kà á bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,445,287.

Ó ní akọ̀wé òun ni ó ṣì í kọ. Ó ti dá owó náà padà, n kò sì fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni àwọn ènìyàn ń pè ní olè lọ́jà, kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí ni iye dọ́là. Ní òpin 2023, Kọ́sítọ́ọ̀mù ń fi dọ́là kan sí ₦951 àti díẹ̀. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,400. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà ni Báǹkì Àpapọ̀ sọ pé iye dọ́là ọjọ́ tí a ṣí Form M, ìwé tí oníṣòwò fi ń sọ ní báǹkì pé òun fẹ́ kó ọjà wọlé, ni kí wọ́n máa lò títí ẹrù yóò fi jáde, kí ó má baà máa yí mọ́ oníṣòwò lọ́wọ́ nígbà tí ẹrù ṣì wà lójú omi. Mo fi iye dọ́là ọjọ́ Form M wa wé èyí tí ó wà nínú PAAR, wọ́n bá ara wọn mu. Nítorí náà kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ìdí tí n kò fi lè padà sí ₦56,000: ẹrù tí a ń tà ní iye yẹn ti jáde nígbà ₦951.

Owó ọgbà kọntéínà, owó ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ àti owó tírélà kò ní ìdá kan tí a lè fi yẹ̀ wọ́n wò. Rìsíìtì wọn nìkan ni a lè béèrè. Mo béèrè, mo rí wọn, àyàfi ₦180,000 kan tí ìwé ajẹ́ǹtì pè ní owó ìrìn ìwé. Kò sí rìsíìtì fún un. N kò fi í sórí ìkòkò yín. Èmi ni yóò jẹ ẹ́.

Láti ìsinsìnyí lọ, èmi fúnra mi ni yóò máa ṣe ìṣirò náà kí ajẹ́ǹtì tó mú tirẹ̀ wá, àwọn ará Ṣáínà yóò sì máa ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ ní ìlà tirẹ̀.

Bí a bá pín owó tí ó padà wá sí sẹ́ẹ̀tì 800, ó lé díẹ̀ ní ₦1,800 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. A sọ ọ́ di ₦2,000. Iye tuntun ni ₦70,000. Sẹ́ẹ̀tì 137 ni a ti tà ní ₦72,000. Ẹ̀yin tí ẹ rà wọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú rìsíìtì yín wá sí ìsọ̀ kí ẹ gba ₦2,000 yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí rìsíìtì bá ti sọnù, ẹ wá bẹ́ẹ̀ náà, orúkọ yín wà nínú ìwé títà wa. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìwé ọjà náà, PAAR àti ìwé báǹkì, wọ́n wà lórí káńtà.

Èmi ni tiyín,
Olówò ìsọ̀ ìkòkò, Ìdúmọ̀tà, Èkó