Máńgòrò tó wà lórí tábìlì mi

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Mo gbọ́ fóìsì nóòtì ẹ nípa fẹnọmẹnọ́lọ́jì tí wọ́n ń kọ́ yín, ẹ̀kọ́ nípa bí nǹkan ṣe ń hàn sí wa. Intẹnṣọ́nálítì yẹn, o rò pé ọ̀rọ̀ mímọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí onímọ̀ ọgbọ́n orí tó ń jẹ́ Franz Brentano kọ lọ́dún 1874, tí Edmund Husserl tó kọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ wá gbé síwájú, ni pé téèyàn bá ń rí, nǹkan kan ló ń rí, tó bá ń rántí, nǹkan kan ló ń rántí, tí ẹ̀rù bá sì ń bà á, nǹkan kan ló ń bà á lẹ́rù, kódà kí nǹkan ọ̀hún má sí rárá.

Máńgòrò kan wà lórí tábìlì níwájú mi báyìí. Apá kan ṣoṣo ló kọjú sí mi, ó pupa díẹ̀ níbi ìdí, mi ò rí ẹ̀yìn ẹ̀, mi ò rí inú ẹ̀, síbẹ̀ odidi máńgòrò ni mo rí, kò sẹ́ni tó máa wò ó tó máa ní èèpo apá kan lòun rí. Ẹ̀yìn tí mi ò rí yẹn, mo ti ń retí ẹ̀ bí mo ṣe ń wo iwájú. Mo wá yí i, àṣé ẹ̀yìn ti rà, ó dúdú, ó ń wọlé sábẹ́ ìka mi. Ó yà mí lẹ́nu, o ò rí i pé ká ní èèpo iwájú nìkan ni mo rí, kò sóhun tó yẹ kó yà mí lẹ́nu?

Ọ̀rọ̀ brákẹ́ẹ̀tì, tí Husserl pè ní epokéè nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1913, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Kò ní kó o máa ṣiyèméjì bóyá máńgòrò wà. O ṣì gbà pé ó wà, àmọ́ o gbé ìgbàgbọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o ò lò ó, o kàn ń sọ bó ṣe ń hàn sí ẹ.

Wo àpẹẹrẹ tí òun fúnra ẹ̀ ti mú wá ṣáájú ìyẹn: o wọ ilé tí wọ́n ń kó ère oníìda sí, o rí obìnrin kan lórí àtẹ̀gùn tó ń wò ẹ́ bíi pé ó mọ̀ ẹ́, àṣé ère ni. Tó o bá kàn ní "ojú mi ló tàn mí", ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n tó o bá fi "ṣé èèyàn ni lóòótọ́" sínú brákẹ́ẹ̀tì, wàá rí i pé aṣọ yẹn náà ni, ojú yẹn náà ni, kò sí àwọ̀ kankan tó yí padà, ohun tó o rí i sí ló yí, obìnrin tó ń wò ẹ́ ti di ìda tí wọ́n fi ya obìnrin, o ò sì lè rí i bíi méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Tó o bá ń dán an wò, tó o wá gbọ́ tí ẹnu ẹ ń sọ "torí pé ìmọ́lẹ̀ wọ ojú mi, ọpọlọ mi wá…", o ti jáde nínú brákẹ́ẹ̀tì nìyẹn, o ti ń wá ohun tó fà á. Padà sí bó ṣe hàn. Fi kọ́ọ̀bù tíì ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kó o kọ ohun tó o rí ránṣẹ́ sí mi kí kíláàsì yín tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ ẹ
Fúnmi