Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ wo ọjọ́ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín kí ẹ tó sanwó físà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó. Ìbéèrè kan ló ń wọlé sórí Wásáàpù wa ṣáá, òun la fẹ́ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà kí gbogbo yín lè rí i kà: "Pásípọ́ọ̀tù mi ò tíì parí, ó ṣì ku oṣù márùn-ún, kí ló wá dé tí ẹ ní kò lè gba físà?" Ẹlòmíì á tiẹ̀ rò pé àwa la fẹ́ gba owó rínúà lọ́wọ́ òun. Rárá o, owó rínúà ò wọ àpò wa, ìjọba lẹ ń san án fún.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Ọjọ́ òní kọ́ ni àwọn tó ń fúnni ní físà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọjọ́ tí ẹ máa kúrò nílùú wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kà, wọ́n á wá fi oṣù mélòó kan lé e. Nítorí kí ni? Nítorí pé èèyàn lè sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì lòun fẹ́ lò, kó wá ṣàìsàn dé ọsibítù níbẹ̀, tàbí kí wọ́n fagi lé báàlù, tàbí kó kàn jókòó tí kò fẹ́ wálé mọ́. Tí pásípọ́ọ̀tù ẹni náà bá ti kú sọ́wọ́ ẹ̀, ìlú tó gbà á lálejò ò ní lè dá a padà wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi kí wọ́n máa bá ẹ́ḿbásì wa fa ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó rí ìwé pàjáwìrì tí wọ́n á fi gbé e wálé. Wọn ò fẹ́ wàhálà yẹn, ni wọ́n ṣe ní kí pásípọ́ọ̀tù yín gùn ju ìrìn àjò yín lọ.

Iye oṣù ò dọ́gba o, ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa, torí oṣù mẹ́fà ni gbogbo ayé ń pariwo. Dúbáì, oṣù mẹ́fà láti ọjọ́ tí ẹ bá wọ ibẹ̀ ni. Àwọn ìlú Ṣẹ́ńgẹ̀n ní Yúróòpù, ìyẹn Jámánì, Faransé, Ítálì àti àwọn yòókù, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò níbẹ̀ ni òfin wọn sọ. Sáúsì Áfíríkà ní ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò. Ìlú Ọba ní tiwọn ò béèrè àjùlọ rárá, kó ṣáà gbé yín dé ọjọ́ tí ẹ máa kúrò. Ṣùgbọ́n àwa máa ń gba èèyàn níyànjú pé kó fi oṣù mẹ́fà ṣe òdiwọ̀n níbi gbogbo, torí ẹni tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù lónìí lè fẹ́ yà sí Dúbáì nígbà tó bá ń bọ̀.

Físà nìkan kọ́ o. Ẹ lè gba físà tán kí wọ́n dá yín padà ní ẹ́pọ́ọ̀tù. Àwọn òṣìṣẹ́ báàlù tó ń gba báàgì yín níbi káńtà, wọ́n ní ohun kan lórí kọ̀ǹpútà wọn tó ń jẹ́ Timatic, òun ló ń sọ fún wọn iye oṣù tí ìlú kọ̀ọ̀kan fẹ́. Tí wọ́n bá gbé ẹni tí ìwé ẹ̀ ò pé dé òkè òkun, wọ́n á bu owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ báàlù náà, àwọn náà ló sì máa gbé e padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀bẹ̀ kì í fi í ran ọ̀rọ̀ yìí lójú wọn, ẹ máà jà wọ́n níjà.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀kan yẹ̀ wò. Ìyá kan ní Ìbàdàn níbí, ọmọ ẹ̀ obìnrin wà ní Jámánì, ó lóyún, ó máa bímọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, màmá sì fẹ́ lọ wẹ ọmọ. Wọ́n fẹ́ gbéra ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2026, kí wọ́n padà ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá. Pásípọ́ọ̀tù wọn máa parí ní ọjọ́ 20 oṣù kejì 2027. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé á ní ó pọ̀ yanturu. Ẹ wá kà á: láti ọjọ́ 9 oṣù kejìlá, oṣù mẹ́ta á gbé wa dé ọjọ́ 9 oṣù kẹta 2027. Pásípọ́ọ̀tù ti kú ní ọjọ́ 17 ṣáájú. Kò wọlé nìyẹn. Tí wọ́n bá ta kú pé àwọn ò ní rínúà, wọ́n gbọ́dọ̀ kúrò ní Jámánì ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá, ìgbà yẹn ọmọ tuntun ò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ, kí wá ni wọ́n lọ ṣe?

Ojú ewé tó ṣófo ló kù, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ranti rárá. Òfin Ṣẹ́ńgẹ̀n ní kí ojú ewé méjì ó kéré tán ṣófo. Físà wọn, bébà tí wọ́n ń lẹ̀ ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú ewé kan tán, àwọn lẹ́tà àti nọ́ḿbà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kà, wọn ò lè lẹ̀ ẹ́ lé sítáǹpù lórí. Ojú ewé kejì wà fún sítáǹpù ìwọlé àti ìjáde. Lóòótọ́, láti oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n ti ń kó ìwọlé àti ìjáde àlejò sórí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ dípò sítáǹpù, àmọ́ bébà físà ṣì ń lẹ̀ mọ́ inú ìwé, òfin ojú ewé méjì sì ṣì wà ńlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé kó ṣófo, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sí nǹkan kan lórí ẹ̀ rárá, ojú ewé tí sítáǹpù kékeré kan wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀ kò sí nínú òǹkà. Àwọn ojú ewé ìkẹyìn tí kì í ṣe ti físà náà ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń gba ojú títì lọ Àkrà ní Gánà, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Ẹ kà á fúnra yín. Ẹ jáde ní Sẹ̀mẹ̀, Nàìjíríà lu sítáǹpù sí i, Bẹ̀nẹ̀ lù ú. Ẹ dé Ìlàkọ́ńjì, Bẹ̀nẹ̀ tún lù ú ní ìjáde, Tógò lù ú ní ìwọlé. Ẹ dé Aflao, Tógò lù ú, Gánà lù ú. Mẹ́fà ni àlọ, mẹ́fà ni àbọ̀, méjìlá. Tí ojú ewé kan bá gba mẹ́rin, ojú ewé mẹ́ta ti lọ sí ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn, tí aṣọ́bodè ò bá tún lọ ṣí ojú ewé tuntun lu sítáǹpù gbàà sí àárín ẹ̀, torí wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù olójú ewé 32 á kún kí ọdún ẹ̀ tó tó ìdajì. Ẹ máa bẹ̀ wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ lù ú sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó ti wà níbẹ̀, ẹ ṣí ojú ewé náà sílẹ̀ fún wọn kí ẹ tó nawọ́ ẹ̀ sí wọn. Tó bá sì ti kún, rínúà ni o, bó ṣe wù kí ọdún tó kù lórí ẹ̀ pọ̀ tó, kò sí ẹni tó máa bá yín rán ewé kún un.

Ó wá ku bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀. Ẹ̀yìn la ti ń kà á bọ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ màmá. Wọ́n fẹ́ fò ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá. Òfin Ṣẹ́ńgẹ̀n fún ẹ́ḿbásì ní ọjọ́ 15 láti dáhùn, àmọ́ wọ́n lè fà á dé 45 tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ìwé wò sí i, nítorí náà ká fi 45 ṣe é: ìwé gbọ́dọ̀ ti wọlé ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ rí déètì gbà kí wọ́n tó lè fi ìwé sílẹ̀, déètì yẹn sì máa ń ṣọ̀wọ́n. Ẹ ò lè mú déètì tó ju oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò náà. Rínúà wá ńkọ́? Ìmígíréṣọ̀n ní kì í pẹ́ jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá ya fótò àti ìka yín, àwa máa ń fi oṣù méjì sílẹ̀ fún un torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Tí a bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó yẹ kí màmá ti bẹ̀rẹ̀ rínúà ní oṣù karùn-ún, ó pẹ́ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà.

Kí ẹ tó sanwó rínúà, ẹ lọ wo NIN yín. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń há. Ìyàwó ilé tó ti gba orúkọ ọkọ sínú ọ̀kan tí kò tíì gbà á sínú èkejì, kó tètè yanjú ẹ̀. Lórí passport.immigration.gov.ng lẹ ti máa kọ fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ náà lẹ ti máa sanwó, kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì fún fótò.

Ẹ má tún kọ fọ́ọ̀mù físà ṣáájú rínúà o. Pásípọ́ọ̀tù tuntun, nọ́ḿbà tuntun ni. Tí ẹ bá ti fi nọ́ḿbà àtijọ́ mú déètì, ẹ máa tún un ṣe ni, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ ẹ máa pàdánù déètì náà.

Àwọn kan ní, "Ó ku oṣù mẹ́jọ, kí n jẹ ẹ́ tán ná." Lóòótọ́, oṣù tó kù kì í wọ inú tuntun. Láti oṣù kẹsàn-án 2025, olójú ewé 32 ti ọdún márùn-ún di ₦100,000, olójú ewé 64 ti ọdún mẹ́wàá di ₦200,000. Tí ẹ bá pín méjèèjì sí oṣù, nǹkan bíi ₦1,667 ni oṣù kan, kò sí ìyàtọ̀. Oṣù mẹ́jọ tí ẹ sọ nù, nǹkan bíi ₦13,300 péré. Owó físà Ṣẹ́ńgẹ̀n fún àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò, tí wọ́n bá sì kọ̀ yín, wọn kì í dá a padà. Ohun míì tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: físà olódún kan, méjì tàbí márùn-ún tí Ṣẹ́ńgẹ̀n ń fún ẹni tó ti ń lọ tó ń bọ̀ dáadáa, wọn kì í jẹ́ kó gùn ju pásípọ́ọ̀tù lọ. Ẹni tí tiẹ̀ ku ọdún kan àbọ̀ ò lè gba olódún márùn-ún, bó ti wù kó jẹ́ èèyàn dáadáa tó. Fún ẹni tó bá ń rìn, ọdún mẹ́wàá olójú ewé 64 la máa ní kó gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ti ọdún márùn-ún nìkan ni wọ́n ń fún wọn.

Ẹ̀yin tí físà Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ wà nínú pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ yín, ẹ má ya á, ẹ má bó o, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ tuntun. Ẹ mú méjèèjì pọ̀ lọ sí ẹ́pọ́ọ̀tù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gba tuntun, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n pé físà wà nínú àtijọ́, kí wọ́n dá a padà fún yín, kí wọ́n má sì lu sítáǹpù tàbí gé nǹkan kan gba orí físà náà kọjá. Tí ìdánilójú ò bá sí lọ́rọ̀ tiyín, ẹ ya fótò ojú ewé tí àwòrán yín wà àti gbogbo ojú ewé tí wọ́n ti lù, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú ọjọ́ àlọ àti àbọ̀, a máa bá yín kà á lọ́fẹ̀ẹ́.