Ọ̀rọ̀ oníbàárà tó o fẹ́ kó sínú ìwé ọjà Iléyá

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ìwé ìpolówó tó o fi rán àbúrò rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀dínwó yẹn tẹ́ mi lọ́rùn: yáàdì márùn-ún àdìrẹ tá à ń tà ní ₦15,000, kó di ₦12,500 títí Iléyá á fi ku ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò ní fọwọ́ kan ìyẹn. Àwọn ọ̀rọ̀ oníbàárà mẹ́fà tó o tò sísàlẹ̀ ló mú mi jókòó. Mo gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù ṣọ́ọ̀bù, mo ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n ti sọ wọ́n. Méjì péré ló bá ohun tí oníbàárà sọ mu.

Jẹ́ ká mú ti oníbàárà wa tó wà n'Íbàdàn. Ohun tí wọ́n kọ sórí Wasáàpù nìyí, mo dà á kọ bó ṣe wà:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ yẹn wù mí gan-an, gbogbo èèyàn ló ń bi mí ibi tí mo ti rà á. Ó yọ aró nígbà tí mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ó tilẹ̀ ba bùbá funfun kan jẹ́, ṣùgbọ́n látìgbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò yọ mọ́. Ọlọ́run á bù kún yín."

Ohun tí ìwọ wá kọ ni: "Aṣọ yẹn wù mí gan-an, gbogbo èèyàn ló ń bi mí ibi tí mo ti rà á. Kò yọ aró."

O lè ní ṣebí ẹnu wọn náà ló ti jáde. Wo "mọ́" tó o yọ kúrò yẹn. "Kò yọ mọ́" ni wọ́n wí, ẹni tó bá sì gbọ́ "mọ́" ti mọ̀ pé ó yọ tẹ́lẹ̀. Ìwọ sọ ọ́ di aṣọ tí kò yọ aró rí. Ẹnì kan á kà á, á ra aṣọ, á kó o pọ̀ mọ́ léèsì funfun tó fẹ́ wọ lọ sí yídì, á da omi lé wọn lórí. Ìwọ náà mọ̀ pé aró tó lé sójú aṣọ, tí kò wọnú òwú, gbọ́dọ̀ bá omi àkọ́kọ́ àti èkejì lọ, bó ti wù ká ṣan án tó kó tó kúrò ní Ìtòkú.

Bí èmi bá fẹ́ gé e kúrú, bí mo ṣe máa gé e nìyí: "Aṣọ yẹn wù mí gan-an, gbogbo èèyàn ló ń bi mí ibi tí mo ti rà á. Ó yọ aró nígbà tí mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ... ṣùgbọ́n látìgbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò yọ mọ́." Ìkíni àti àdúrà ti lọ, kò sì sí ẹni tí ìyẹn máa ṣì lọ́nà. Àmì mẹ́ta yẹn ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé mo fo nǹkan. Bùbá funfun ńkọ́? Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo lè fò ó nítorí pé yíyọ aró tó bà á jẹ́ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ wá kọ ọ̀rọ̀ tèmi sábẹ́ rẹ̀, láìsí lára ọ̀rọ̀ tiwọn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́." Ẹni tó bá ka ìyẹn ò ní padà wá bá wa jà.

"Ṣùgbọ́n", "bí", "àfi", "mọ́": má fọwọ́ kàn wọ́n. Lọ́dún tí mo bí àbúrò rẹ, èmi náà ṣe irú ẹ̀. Oníbàárà kan sọ pé owó aṣọ wa kò wọ́n bí èèyàn bá ra mẹ́wàá pọ̀. Mo tẹ "owó aṣọ wọn kò wọ́n" sínú ìwé, mo fi orúkọ wọn sí i. Wọ́n mú ìwé náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ojú ọjà kún, wọ́n sì rọra sọ pé, "Ìyá, èmi kọ́ ni mo sọ èyí." Wọn ò ra aṣọ lọ́wọ́ mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni aṣọ òun fi dé. Òótọ́ ni, kò sí lẹ́tà kan tó o yí padà níbẹ̀. Àmọ́ oṣù Kejìlá ni wọ́n rà á. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà yẹn, ohun tá a bá sá láàárọ̀ ti gbẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àsìkò òjò ni Iléyá bọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí. O rí i bí aṣọ ṣe wà lórí okùn fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó o bá fi ẹ̀rí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn polówó ọjà ìgbà òjò, ọ̀rọ̀ oníbàárà ò yí, ohun tí ẹni tó ń kà á máa gbọ́ ló yí. Wá ti ẹni tó ra aṣọ láàárín òjò, bó bá tiẹ̀ sọ pé ọ̀sẹ̀ kan ló gbà. Bó ò bá rí i, kọ oṣù tí wọ́n rà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí wọ́n ti ń sọ iye owó ńkọ́, yọ ọ́ ní tìẹ, torí owó ìgbà yẹn ti kọjá.

Ti Alhaja tó fi ohùn ránṣẹ́ ló pa mí lẹ́rìn-ín. O kọ ọ́ pé: "Wọ́n ń gbìyànjú gan-an!" Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí wọ́n sọ ni "Ẹ̀yin náà ń gbìyànjú", wọ́n sì mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Ṣé ìwọ ò mọ ohun tí àgbàlagbà ń wí bó bá sọ̀rọ̀ báyẹn ni? Bí ohùn bá yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀, fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ "kò burú" ni wọ́n wí, "kò burú" ni kó o kọ, má sọ ọ́ di "ó dára púpọ̀".

Àǹtí rẹ kò sì ra aṣọ. Àwa la fún wọn. Bó o bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ wọn, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀bùn ni, ẹbí sì ni. Òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò fàyè gba kí olójà fi ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà tajà ní Nàìjíríà, ìwé tó bá sì ka ẹbí mọ́ oníbàárà láìsọ, ó ń ṣini lọ́nà.

Mo tún ka ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú fóònù. Mẹ́sàn-án nínú wọn mẹ́nu kan aró tó yọ. Nínú mẹ́fà tó o yàn, kò sí ẹyọ kan. Jẹ́ kí ó tó méjì, kí ìwé wa lè jọ ohun tí wọ́n ń sọ fún wa gan-an.

Tó o bá ti gé wọn tán, fi ti oníkálukú ránṣẹ́ sí i padà, kó o bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ wí? Ṣé ká fi orúkọ yín sí i, àbí ká kọ 'oníbàárà kan n'Íbàdàn'?" Ẹni tí kò bá dáhùn, má lò tiẹ̀. Má pa ọ̀rọ̀ wọn àkọ́kọ́ rẹ́ lórí fóònù.

Atẹ̀wé ò ní gba iṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn Jímọ̀. Àbúrò rẹ ń mú fóònù ṣọ́ọ̀bù bọ̀ lọ́la, mo ti sàmì sí Alhaja, àǹtí rẹ, ti Ìbàdàn àti ti oṣù Kejìlá.

Ìyá rẹ