Ọfà méjì kì í ṣe ẹ̀rí irọ́

Sí Olóòtú,

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọfà méjì tí Wasáàpù ń fi sórí fídíò túmọ̀ sí pé irọ́ ni. Rárá o. Iye ìgbà tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló ń kà. Tó bá ti tó márùn-ún, ọfà á di méjì, ẹ ò sì ní lè fi í ránṣẹ́ ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wasáàpù kò rí inú rẹ̀.

Màmá mi gba fídíò kan tó ní omi iyọ̀ ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Iyọ̀, tó ń gbé e sókè! Màmá mú un láti inú gálárì, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn. Ọfà méjèèjì pòórá, torí Wasáàpù kà á sí fídíò tuntun. Àwọn ìyá ìjọ ń dúpẹ́, wọ́n rò pé Màmá ló ṣe é.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn