Lẹ́tà sí Kúnlé lórí ẹni tí yóò máa ṣojú rẹ̀ ní ọ́fíìsì owó orí

Kubwa, Àbújá

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí lẹ́tà àṣẹ tí o kọ fún akáńtáǹtì tí yóò máa ṣojú rẹ ní FCT-IRS, ọ́fíìsì owó orí Àbújá, lórí owó ilé tí ò ń gbà ní Kubwa. Jọ̀wọ́, má fọwọ́ sí i. "Kí ó máa bójú tó gbogbo ọ̀rọ̀ owó orí mi" ti gbòòrò jù. Ẹni tó bá mú irú ìwé yẹn dání lè gbà lórúkọ rẹ pé o jẹ gbèsè, kí ìwọ má sì gbọ́ sí i.

Kọ TIN rẹ, ìyẹn nọ́ńbà owó orí rẹ, sínú lẹ́tà náà, àti orúkọ rẹ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lọ́dọ̀ wọn. Dárúkọ akáńtáǹtì náà, ọdún tí ọ̀rọ̀ kàn, àti ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò parí. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tó lè ṣe: kó fi fọ́ọ̀mù ọdọọdún sílẹ̀ kí oṣù Kẹta tó parí, kó dáhùn ìbéèrè, kó gba ìwé. Sọ èyí tí kò lè ṣe náà: kò gbọdọ̀ gbà pé o jẹ gbèsè, kò sì gbọdọ̀ gba owó tí ìjọba bá dá padà fún ọ.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Bí ọ́fíìsì bá kọ iye tí wọ́n ní o jẹ, tí o kò sì fara mọ́ ọn, 30 ọjọ́ ni òfin fún ọ láti kọ̀wé takò ó. Ká ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ni ìwé náà dé ọwọ́ akáńtáǹtì tí o ní kí wọ́n máa kó ìwé rẹ fún. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ló pé. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Keje ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn ọ́, ọjọ́ méjì péré ló kù fún ọ láti ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣì ṣe àti iye tó yẹ kó jẹ́. Bí ọjọ́ bá kọjá, gbèsè ti di tìrẹ nìyẹn. Nítorí náà, kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ.

Owó ńkọ́? Má fi sí àkáǹtì rẹ̀ rárá. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o san án sí ti ìjọba, kí rìsíìtì jáde lórúkọ rẹ. Má sì fún un ní páswọ́ọ̀dù rẹ.

Fẹ́mi àbúrò rẹ lè mú lẹ́tà náà lọ. Kó mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan, kó sì ya fọ́tò rẹ̀ fún ọ. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ gba àṣẹ náà padà, kọ̀wé sí ọ́fíìsì yẹn gan-an. Má rò pé bí o bá ti sọ fún akáńtáǹtì, ó ti tán.

Fi èyí tí o bá tún kọ ránṣẹ́ sí mi kí o tó fọwọ́ sí i.

Èmi ni tìrẹ,
Wálé